Owó Kan, Ọ́dà Méjì: Àkọsílẹ̀ Bí A Ṣe Tún Ìsanwó Òǹtajà Kan Tò

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ó pè mí. Kò tíì kí mi tán tí ó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti fi báàgì ránṣẹ́ sí ẹni tí kò sanwó, ẹni tó sanwó sì ń pè mí ní olè."

Báàgì ni obìnrin yìí, tí mo máa pè ní ìyá ọlọ́jà, ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń bá a dá àwọn oníbàárà lóhùn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá àwọn òǹtajà kéékèèké tún ìwé owó wọn tò. Mo ti bá a ṣe ìṣirò ọdún kan tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fìgbà kan bi í léèrè bí ó ṣe ń mọ̀ pé oníbàárà ti sanwó. Ó yẹ kí n ti béèrè. Mo fi orúkọ pamọ́ nínú àkọsílẹ̀ yìí, mo sì yí iye owó padà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ gan-an ni mo kọ.

Oríṣi báàgì mẹ́ta ni ó ní: kékeré jẹ́ 8,000, àárín jẹ́ 12,500, ńlá jẹ́ 18,000. Ọ́dà bíi 20 ń wọlé lójúmọ́. Oníbàárà á yan báàgì lójú ìwé ìtajà, á rí nọ́ńbà àkáǹtì níbẹ̀, á lọ fi owó ránṣẹ́ láti báńkì tirẹ̀. Láti ìgbà tó bá ti kúrò níbẹ̀, ojú ìwé ìtajà kò mọ ohunkóhun mọ́. Owó gba ọ̀nà báńkì lọ, ọ́dà jókòó síbi tó wà, kò sì sí ohun tó so àwọn méjèèjì pọ̀ àfi ojú ènìyàn. Ẹni tó ń fi káàdì sanwó kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé ọ́dà àti owó jọ gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé ni.

Ojú àbúrò ni ó ń so wọ́n pọ̀ níbí. Bí àlẹ́ẹ̀tì báńkì bá dún lórí fóònù ìyá ọlọ́jà, á ka iye owó àti orúkọ sókè, àbúrò á wá èyí tó jọ ọ́ nínú àwọn ọ́dà. Bí ìyá ọlọ́jà kò bá sí nítòsí, oníbàárà á ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀, èyí tó fi hàn pé owó ti lọ, á fi ránṣẹ́, àbúrò á sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìpè yẹn, ọ́dà báàgì àárín méjì ló ń retí owó. Ti oníbàárà àkọ́kọ́ wọlé ní 6:10, ti èkejì ní 6:40. Nígbà tó di 7:05, 12,500 wọ àkáǹtì. Orúkọ ọkùnrin ló wà lára rẹ̀, "owó báàgì" nìkan ni ó sì kọ mọ́ ọn. Ní 7:08, oníbàárà kejì fi àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́: 12,500, owó ti lọ. Àbúrò wo àlẹ́ẹ̀tì, ó wo àwòrán. Iye dọ́gba, aago fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ó di báàgì, ó fi ránṣẹ́ sí oníbàárà kejì. Ọkọ oníbàárà àkọ́kọ́ ni ọkùnrin tó sanwó.

Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti gbà pé àwòrán èké ni oníbàárà kejì fi lù wọ́n ní jìbìtì. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n má tíì sọ̀rọ̀ líle sí i, kí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ìwé àkáǹtì rẹ̀ ti ọjọ́ Ẹtì sí Àìkú hàn wá. Kò jiyàn, ó fi ránṣẹ́. Owó jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ní 7:04 alẹ́ ọjọ́ Ẹtì lóòótọ́. Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, 12,500 kan náà padà sínú àkáǹtì rẹ̀. Owó náà kò dé báńkì ọlọ́jà, báńkì tirẹ̀ sì dá a padà fún un. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ó tún owó náà san láàárín wákàtí kan, ó sì bẹ̀bẹ̀.

Ibí yìí ni ojú tí mo fi ń wo ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Ká ní a dúró lórí jìbìtì ni, àwòrán ni a ó máa tú wò títí dòní: ṣé bí báńkì ṣe ń kọ lẹ́tà nìyí, ṣé àwọ̀ rẹ̀ nìyí? Bẹ́ẹ̀ àwòrán tòótọ́ ló ṣì wọ́n lọ́nà. Ohun tí àwòrán lè sọ kò ju pé owó ti kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan lọ. Kò lè jẹ́rìí pé ó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn sì tún wà lábẹ́ ìyẹn, òun ló tiẹ̀ jinlẹ̀ jù lójú mi. Àbúrò kò gba àwòrán nìkan. Ó wo àlẹ́ẹ̀tì, owó sì wà níbẹ̀. Ìbéèrè tó bi ara rẹ̀ ni pé, ǹjẹ́ 12,500 wọlé? Bẹ́ẹ̀ ni, ó wọlé. Ìbéèrè tó yẹ kó béèrè ni pé, 12,500 tó wọlé yìí, ọ́dà mélòó ló lè jẹ́ tiwọn? Méjì ni. Bó bá ti jẹ́ méjì, kò tọ́ kó fọwọ́ sí ìkankan nínú wọn títí ohun mìíràn yóò fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ìbéèrè kejì yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbikíbi tí wọ́n bá pè mí sí.

Kíkà ohun tó wà nílẹ̀

Kí n tó dámọ̀ràn kankan, mo ní kí a tẹ ìwé àkáǹtì oṣù kan jáde, kí a fa ìlà sórí owó kọ̀ọ̀kan tó wọlé tí a bá ti rí ọ́dà rẹ̀. Ọ̀sán méjì gbáko ló gbà wá. Owó mẹ́sàn-án ṣẹ́kù tí a kò rí ọ́dà wọn, ọ́dà mẹ́rìnlá sì ṣẹ́kù tí a kò rí owó wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ni wọ́n ní àwọn ti san, tàbí kí ọjà ti lọ.

Nígbà tí a wádìí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin nínú owó mẹ́sàn-án yẹn kì í ṣe owó ọjà rárá. Ẹbí ló fi wọ́n ránṣẹ́, nítorí pé àkáǹtì kan náà ni ìyá ọlọ́jà fi ń gba owó ilé. Méjì jẹ́ ti ẹni tó sanwó lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Mẹ́ta ní ọ́dà tiwọn, àmọ́ orúkọ ẹlòmíràn ló wà lára owó. Ní ti ọ́dà mẹ́rìnlá, mẹ́ta bá àwọn owó mẹ́ta tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí mu. Márùn-ún jẹ́ ti àwọn tó pa owó ọ́dà méjì pọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́rin kò sanwó rárá, ọjà wọn sì wà nílẹ̀. Méjì tó kù ni ọjà wọn ti lọ láìsanwó.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú kíkà yìí ni pé a kò rí ẹnì kankan tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe jìbìtì. Owó tó pàdánù kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wákàtí tó ń ṣòfò àti ìjà tó ń dá sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni a ṣí àkáǹtì tuntun tó jẹ́ ti ọjà nìkan, mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án sì ti yanjú lọ́nà bẹ́ẹ̀ láìsí ọgbọ́n kankan.

Nọ́ńbà ọ́dà nínú àlàyé

Ohun tí ẹnikẹ́ni máa kọ́kọ́ rò ni a kọ́kọ́ ṣe: kí oníbàárà kọ nọ́ńbà ọ́dà rẹ̀ sínú àyè àlàyé tó wà nígbà tí a bá ń fi owó ránṣẹ́. WooCommerce ni ojú ìwé ìtajà rẹ̀ ń lò, gbólóhùn náà sì ti wà níbẹ̀ láti ilẹ̀: `Please use your Order ID as the payment reference.` Kò sẹ́ni tó ń kà á. A gbé e sókè, a sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá, a tún fi sínú ìfiránṣẹ́ tó ń lọ sọ́dọ̀ oníbàárà.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì, owó 212 wọlé. Nọ́ńbà tó ṣeé kà wà lára 131. Ìyẹn dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní owó 81 tó ṣì ń fi ojú wá kò tíì kúrò nínú wàhálà. Àwọn kan kò kọ nǹkan kan. Àwọn kan kọ orúkọ ọmọ wọn. Báńkì mìíràn á kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ gígùn tirẹ̀ síwájú, á wá gé ohun tí oníbàárà kọ kúrò lẹ́yìn, kò sì sí ohun tí oníbàárà lè ṣe sí ìyẹn.

Èyí tó bà mí lẹ́rù ni márùn-ún tó kọ nọ́ńbà tó ṣeé kà, tí nọ́ńbà náà sì jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ́dà 1834, tó kọ 1843. Nọ́ńbà ọ́dà ń lọ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, nítorí náà gbogbo nọ́ńbà tó yí 1834 ká ló jẹ́ ti ènìyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rajà lọ́sẹ̀ kan náà. Bí ìka bá yẹ̀, kì í bọ́ sí inú òfo, ilé aládùúgbò ló ń bọ́ sí. Ọ́dà 1843 wà lóòótọ́, ó ń retí owó, 12,500 náà sì ni. Ohun kan ṣoṣo tó gbà wá ni pé àbúrò rántí orúkọ ẹni tó fi owó ránṣẹ́.

Láti ibẹ̀ ni a ti fi òfin lélẹ̀ pé ẹlẹ́rìí kan kò tó. Nọ́ńbà ọ́dà, iye owó, orúkọ ẹni tó sanwó: méjì nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ọ́dà kan ṣoṣo kí ọjà tó kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà ń há nígbà tí iye owó bá jẹ́ ẹlẹ́rìí tó ń jẹ́rìí sí gbogbo ayé. Nígbà tí ọ́dà mẹ́wàá bá ń retí 12,500 lẹ́ẹ̀kan náà, iye owó kò sọ ohunkóhun.

Ìrù owó

Ìdí nìyí tí a fi pinnu pé kí iye owó ọ́dà kan má ṣe bá ti òmíràn mu mọ́. Bí a ṣe ṣe é ni pé ọ́dà kọ̀ọ̀kan ń gba nọ́ńbà láti 1 dé 99, èyí tí a ń pè ní ìrù, a sì ń yọ ìrù náà kúrò nínú owó ọjà. Ọ́dà 12,500 tí ìrù rẹ̀ jẹ́ 37 di 12,463. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì sanwó, kò sí ọ́dà 12,500 mìíràn tó lè gba 37. Báńkì lè gé àlàyé kúrò, ọkọ lè san owó fún ìyàwó, ṣùgbọ́n iye owó kò ṣeé gé. Ohun tí oníbàárà bá fi ránṣẹ́ ni yóò hàn nínú ìwé àkáǹtì.

Yíyọ ni mo ní kí a máa yọ ọ́, kì í ṣe fífi kún un, nítorí pé ẹni tí a dín owó kù fún kì í bèèrè ìdí. Ìyá ọlọ́jà ṣe ìṣirò lójú ẹsẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ìrù á máa jẹ́ 50 ní ìpíndọ́gba. Ọ́dà 20 lójúmọ́, 1,000 ló ń lọ yẹn. 30,000 lóṣù!" Ó tọ̀nà. Iye náà ju báàgì méjì tó sọnù lóṣù tó kọjá lọ, n kò sì ronú kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló yanjú rẹ̀: ó gbé owó báàgì kọ̀ọ̀kan sókè pẹ̀lú 50, 8,050, 12,550, 18,050, kí ohun tó ń jáde nínú ìrù lè padà wọlé. A kò pe ìrù náà ní ẹ̀dínwó. Ohun tí a kọ sí iwájú rẹ̀ ni "kí a lè dá owó yín mọ̀".

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò dùn. Àwọn ènìyàn ń fi 12,550 gan-an ránṣẹ́, àwọn mìíràn ń fi 12,500. Mo kọ́kọ́ dá oníbàárà lẹ́bi, pé wọ́n kò fẹ́ kọ iye tó rí játijàti. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó ti àbúrò fún wákàtí mẹ́ta, tí mo ń wo bó ṣe ń dáhùn. Oníbàárà béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èló ni kí n fi ránṣẹ́?" Àbúrò dáhùn láti inú orí rẹ̀ pé, "12,550 ni mà." Ó mọ owó báàgì bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, kò sì ṣí ọ́dà wò kó tó dáhùn. Lójú ìwé ìtajà pẹ̀lú, owó báàgì ló tóbi lójú, iye tó ní ìrù wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà kékeré.

A yí méjèèjì padà. Iye kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì báyìí, bọ́tìnì tí a fi ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àbúrò kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tẹ iye owó fún ẹnikẹ́ni mọ́. Láti inú ọ́dà ni ó ti ń dà á kọ. Ó kù bí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó ń san odindi, a sì ń fi nọ́ńbà ọ́dà àti orúkọ wá tiwọn. Bí méjèèjì kò bá fẹnu kò, a ń bi oníbàárà ní orúkọ àti báńkì tí owó ti wá, láìsọ tiwa fún un ṣáájú.

Ibi tí ìrù kò lè ràn wá lọ́wọ́ ni ti ẹni tó san owó ọ́dà méjì pọ̀. Àbúrò fẹ́ máa ro àwọn iye pọ̀ ní méjì méjì títí yóò fi rí èyí tó bá a mu. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ́dà 30 bá ń retí owó, ọ̀nà 435 ló wà láti mú méjì nínú wọn, àròpọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì dọ́gba. Ẹni tó bá wá àròpọ̀ á rí i, bóyá èyí tó tọ́ ni o, bóyá kì í ṣe òun. Ìfiránṣẹ́ kan sí oníbàárà yá ju ìyẹn lọ.

Ìwé tí a ń kọ

Ìrù ń jẹ́ kí owó dá ara rẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá a ti lo owó kan lẹ́ẹ̀mejì, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà ni a fi yanjú rẹ̀. Ojú ewé méjì ló ní. `Owo` ní ìlà kan fún owó kọ̀ọ̀kan tó wọlé, tí a dà kọ láti inú ìwé àkáǹtì ní 10 àárọ̀, 2 ọ̀sán àti 6 ìrọ̀lẹ́. A kò kọ ọ́ láti inú àlẹ́ẹ̀tì, nítorí pé àlẹ́ẹ̀tì lè pẹ́, ó lè dún lẹ́ẹ̀mejì fún owó kan, ẹlòmíràn sì lè kọ irú rẹ̀ ránṣẹ́. `Oda` ní ìlà kan fún ọ́dà kọ̀ọ̀kan: iye tó ní ìrù wà ní kọ́lọ́ọ̀mù C, kọ́lọ́ọ̀mù E sì ṣófo títí a ó fi kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì fún owó náà síbẹ̀, tàbí kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti fagi lé ọ́dà náà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ̀ọ̀kan nínú `Owo`, níbi tí iye wà ní C, a kọ èyí:

```
=COUNTIFS(Oda!C:C, C2, Oda!E:E, "")
```

Ìbéèrè ọjọ́ Ẹtì gan-an nìyí, tí a fi èdè ìṣirò béèrè: ọ́dà mélòó tí a kò tíì sanwó wọn ló ń retí iye yìí? Bó bá fi 1 hàn, ẹlẹ́rìí kan ti dé, a ó wá èkejì. Bó bá fi 0 hàn, ẹni náà san odindi, tàbí ó pa owó pọ̀, tàbí ọ́dà rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Bó bá ju 1 lọ, a ti fi ìrù kan fún ọ́dà méjì, àṣìṣe tiwa sì ni.

Èkejì ń ṣọ́ pé a kò lo owó kan lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà ní A:

```
=COUNTIF(Oda!E:E, A2)
```

Kò gbọdọ̀ ju 1 lọ láé, àfi ti ẹni tó pa owó ọ́dà méjì pọ̀, èyí tí a ń kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó fi 6 hàn fún owó kan, 4 fún òmíràn. Àbúrò fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ohun tó fà á ni pé nọ́ńbà báńkì náà gùn ju 15 lọ, ìwé ìṣirò sì kà á sí iye owó lásán. Díjíìtì 15 àkọ́kọ́ nìkan ló ń dì mú. Ọjọ́ tí owó wọlé ni báńkì yìí fi ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀, nítorí náà owó ọjọ́ kan náà jọ ara wọn lójú rẹ̀. Sísọ kọ́lọ́ọ̀mù náà di ti ọ̀rọ̀ nìkan kò tó, torí `COUNTIF` ṣì ń sọ ọ́ di iye padà. A fi lẹ́tà `T` síwájú gbogbo nọ́ńbà báńkì, ó sì tán.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, ìṣirò kan ṣoṣo ló kù: àròpọ̀ owó tó wọlé nínú ìwé àkáǹtì lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú àròpọ̀ èyí tó ti rí ọ́dà àti èyí tí a kò tíì mọ olówó rẹ̀. Bí kò bá dọ́gba, ìlà kan sá nígbà tí a ń dà á kọ. Wọn kì í sùn kí wọ́n tó rí i.

Ọ́dà tí kò sanwó

Ohun kan wà tí a kò wá tí a sì rí. Ìyá ọlọ́jà ń ráhùn pé ojú ìwé ìtajà ń sọ pé báàgì ńlá ti tán, nígbà tí báàgì ńlá wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Nínú WooCommerce, ọ́dà tí oníbàárà máa fi owó báńkì san ń bọ́ sí `On hold`, a sì ti yọ ọjà rẹ̀ kúrò nínú iye tó kù. Àkókò tí a ń fi sí `Hold stock (minutes)`, èyí tó ń fagi lé ọ́dà tí kò sanwó, ọ́dà tó wà ní ipò `Pending payment` nìkan ló kàn. Ó bọ́gbọ́n mu, nítorí owó báńkì lè pẹ́ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ènìyàn ni yóò máa fagi lé e. Ọ́dà 11 ti wà ní `On hold` fún oṣù méjì.

Wákàtí 48 ni a fi sí i. Àbúrò ń rán oníbàárà létí ní wákàtí 24, ó sì ń fagi lé e bí 48 bá pé. Ṣùgbọ́n owó ẹni tí a ti fagi lé ọ́dà rẹ̀ ṣì lè dé ní ọjọ́ kẹta. Bí a bá ti fún ẹlòmíràn ní ìrù rẹ̀, ọjọ́ Ẹtì tún dé nìyẹn. Ìdí nìyí tí ìrù ọ́dà tí a fagi lé fi ń sinmi fún ọjọ́ 7 kí ẹlòmíràn tó gbà á.

Bí ó ṣe wà báyìí

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ti kọjá. Owó tí a kò tíì mọ olówó rẹ̀ lálaalẹ́ kì í ju méjì sí mẹ́rin lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì ń rí ọ́dà wọn ní ọjọ́ kejì. Kò tíì sí ọjà tó tún lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò sanwó. Iṣẹ́ tó ń gba àbúrò ní ọ̀pọ̀ wákàtí tẹ́lẹ̀ ń gbà á ní ogójì ìṣẹ́jú.

Mo ti sọ fún ìyá ọlọ́jà pé ọ̀nà yìí ní ibi tó máa mọ. Ìrù 99 ló wà fún iye owó kọ̀ọ̀kan. Bí ọ́dà tó ń retí owó fún báàgì kan ṣoṣo bá ń sún mọ́ 60 lẹ́ẹ̀kan náà, ìrù tó ń sinmi kò ní rí àyè mọ́, nígbà náà ni yóò dára kó sanwó fún ilé iṣẹ́ tó ń fún ọ́dà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀, kí owó máa mú orúkọ ọ́dà dání bọ̀. N kò rọ̀ ọ́ sí i nísinsìnyí. Owó tí wọ́n ń yọ lórí ọ́dà kọ̀ọ̀kan yóò ju ìṣẹ́jú tí àbúrò ń lò lọ.

Bí òǹtajà mìíràn bá pè mí báyìí, n kì í béèrè nípa jìbìtì, n kì í sì í béèrè irú ìwé ìṣirò tó ń lò. Mo máa ń ní kó ka iye ọ́dà tó ń retí owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, kó sì sọ iye owó mélòó ló yàtọ̀ síra nínú wọn fún mi. Ẹnì kan sọ pé ọ́dà 34, iye owó mẹ́rin. N kò nílò kí ó tún ṣàlàyé síwájú.

Owó kan ṣoṣo ló kù láti inú oṣù tí a kọ́kọ́ tú wò. Ẹnì kan tó sanwó lẹ́ẹ̀mejì ni a kò rí mọ́, nọ́ńbà fóònù tó fi sínú ọ́dà kò lọ. 8,000 ni. Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan pe ìyá ọlọ́jà pé òun ló fi 8,000 ránṣẹ́ ní àṣìṣe, kí ó jọ̀ọ́ dá a padà, ó sì fún un ní nọ́ńbà àkáǹtì. Ó fẹ́ fi ránṣẹ́, àánú ti ṣe é. Mo ní kó fi nọ́ńbà yẹn wé èyí tí owó ti wá nínú ìwé àkáǹtì. Wọn kò bára mu. Ó sọ fún ọkùnrin náà pé kó jẹ́ kí báńkì rẹ̀ kọ̀wé sí báńkì tòun, pé ibi tí owó ti wá nìkan ni yóò padà sí. Kò tíì pè padà. Owó náà wà ní ìlà kejì ojú ewé `Owo`, kọ́lọ́ọ̀mù tó yẹ kó gba ọ́dà rẹ̀ ṣófo, a kò sì ná an.